Àtẹ Oníyàrá Mẹ́rin: Ìtàn Ìdánwò Pàtó ti Fisher àti Àkọsílẹ̀ Àrùn Ẹ̀bólà ní Nàìjíríà, 2014

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ìtàn ìdánwò tí Ronald Fisher gbé kalẹ̀ fún àtẹ oníyàrá mẹ́rin tí iye inú rẹ̀ kéré. Àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn 20 tí àrùn Ẹ̀bólà mú ní Nàìjíríà ní ọdún 2014, ní Èkó àti ní Port Harcourt, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìbéèrè tí a bi í ni pé: ǹjẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí àrùn náà mú kú ju àwọn yòókù lọ? A ṣàlàyé ìdí tí ìdánwò kai-síkúwéà kò fi tó gbé ìbéèrè náà, bí a ṣe ń fi ọwọ́ ka ìdánwò pàtó, àti ibi tí agbára òun náà mọ.

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer bọ́ọ́lẹ̀ nínú bàálù ní Èkó láti Làìbéríà. Àìsàn ti wà lára rẹ̀ kó tó dé. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ni Dókítà Ameyo Adadevoh ti kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n dá a sílẹ̀. Sawyer kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Dókítà Adadevoh náà kó àrùn yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹjọ.

Ọ̀nà tí àrùn náà gbà dé Port Harcourt yàtọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó súnmọ́ Sawyer ní Èkó sá kúrò lábẹ́ ìṣọ́, ó wá sí ìlú yìí, oníṣègùn kan sì tọ́jú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ. Ara ẹni tó sá wá yá. Ní ọjọ́ 11 ni àìsàn kọlu oníṣègùn náà. Ní ọjọ́ 22 ó jáde láyé. Kó tó dùbúlẹ̀, ó ṣì ń tọ́jú àwọn aláìsàn mìíràn. Ìyàwó rẹ̀, arábìnrin rẹ̀ àti aláìsàn kan tí wọ́n jọ wà ní ilé ìwòsàn kan náà wà lára àwọn tí àrùn náà mú lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa tí a ń gbé ní Elelenwo nígbà náà kò gbàgbé oṣù yẹn. Ìkíni dà bí ìjà: o na ọwọ́, ẹnìkejì fa tirẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn kan ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu ni èyí tó kan iṣẹ́ wa yìí ti jáde: pé àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ni Ẹ̀bólà ń pa, pé bó bá mú wọn kì í fi wọ́n sílẹ̀ bí ó ṣe lè fi ará ìlú sílẹ̀. Àwọn òbí tó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n pé kí wọ́n máa bọ̀ wálé.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2014 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà, iye rẹ̀ ti hàn: ènìyàn 20 ni ó mú, 8 kú. Nínú 20 yẹn, 11 jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, 5 nínú wọn sì kú. Ìyókù, ìyẹn 9, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera. 3 nínú wọn ló kú. Bí a bá tò ó, báyìí ni yóò rí:

| | Ó kú | Ó yè | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Òṣìṣẹ́ ìlera | 5 | 6 | 11 |
| Àwọn yòókù | 3 | 6 | 9 |
| Àpapọ̀ | 8 | 12 | 20 |

Ohun tí à ń pè ní àtẹ oníyàrá mẹ́rin nìyí. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lára àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ìgboro gbọ́ yóò ní òun ti rí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ènìyàn 20 péré ni, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ Pearson dé ọ̀dọ̀ Fisher

Karl Pearson ló gbé ìdánwò kai-síkúwéà jáde ní ọdún 1900. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le. A ó kọ́kọ́ bèèrè pé: bí iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe kò bá ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ikú rẹ̀, mélòó ni ì bá wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan? Iye yìí ni iye àfojúsọ́nà. A ó wá wo bí iye tí a rí ṣe jìnnà sí i tó. Láti rí iye àfojúsọ́nà yàrá kan, a ó sọ àpapọ̀ ìlà rẹ̀ di púpọ̀ lọ́nà àpapọ̀ òpó rẹ̀, a ó sì fi àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ pín in. Fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó kú, 11 lọ́nà 8 jẹ́ 88. Bí a bá fi 20 pín in, ó di 4.4. Bákan náà ni a ó rí 6.6 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó yè, 3.6 fún àwọn yòókù tó kú, àti 5.4 fún àwọn yòókù tó yè.

Àléébù ọgbọ́n Pearson ni pé ọ̀nà tí a gbà ń sọ ìjìnnà náà di ìṣeéṣe dúró lórí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láìní àlàfo. Ènìyàn kì í sì í kú ní ìlàjì. Bí iye bá pọ̀, ìyàtọ̀ láàárín àtẹ̀gùn àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò ní hàn. Bí iye bá kéré, àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ga, ẹni tó bá sì ń sáré níbẹ̀ bí ẹni pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni yóò ṣubú. Ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ fi wà pé kí iye àfojúsọ́nà má ṣe dín sí 5. Nínú àtẹ wa, yàrá méjì ló wà lábẹ́ 5: 4.4 àti 3.6.

Fisher, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí oko ní Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1919, ni ó rí i pé a kò nílò gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà rárá. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ti obìnrin tó ní òun lè mọ̀ bóyá mílíìkì ni wọ́n kọ́kọ́ dà sínú ife tàbí tíì. Fisher fi ìtàn náà sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1935: ife 8, mẹ́rin irú kìíní, mẹ́rin irú kejì. Ọ̀nà 70 ni ènìyàn lè gbà ṣa mẹ́rin nínú mẹ́jọ, nítorí náà ẹni tó kàn ń méfò yóò gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú 70. Ìtàn ife tíì dùn, ṣùgbọ́n ní tèmi, kì í ṣe ibẹ̀ ni ìdánwò yìí ti fi agbára rẹ̀ hàn.

Ọdún tó ṣáájú, 1934, ni Frank Yates, ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Fisher ní Rothamsted, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí àtẹ tí iye inú rẹ̀ kéré, ó sì sọ níbẹ̀ pé Fisher ló tọ́ka sí ọ̀nà tòótọ́ náà fún òun. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kan àwọn ìyá dáadáa: ọmọ 20 tó mu ọmú àti ọmọ 22 tó mu fídà, àti bóyá eyín wọn tò dáadáa. Mẹ́rin nínú àwọn ọlọ́mú ni eyín wọn tò, ọ̀kan péré nínú àwọn onífídà. Kai-síkúwéà lásán sọ pé ìṣeéṣe kí èèṣì fi irú àǹfààní yẹn fún àwọn ọlọ́mú jẹ́ nǹkan bí 0.06. Ẹni tó ń wá ẹ̀rí yóò ti máa yọ̀. Nígbà tí Yates ka á ní pàtó, ó jẹ́ 0.1435, ó ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ. Yates wá dá àtúnṣe kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní, èyí tó ń dín ìjìnnà yàrá kọ̀ọ̀kan kù ní ìlàjì kí kai-síkúwéà lè súnmọ́ iye pàtó náà. Tirẹ̀ jẹ́ 0.143. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ ìṣirò àfọwọ́yí ni wọ́n ní, iṣẹ́ àṣekára sì ni kíka àtẹ pàtó. Àtúnṣe náà jẹ́ ọ̀nà àbùjá fún ẹni tí kò ní àkókò.

Bí a ṣe ń ka á

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ènìyàn 20 wa. Ká ní a kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sí ìwé pélébé, tí a ká wọn sínú igbá. Mọ́kànlá jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ìlera, mẹ́sàn-án kì í ṣe tiwọn. Bí ikú kò bá mọ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ń ṣe, ó di ojú, ó sì mú ìwé 8 nínú igbá. Ọ̀nà mélòó ló lè gbà mú 8 nínú 20? Ọ̀nà 125,970 ni.

Nínú wọn, mélòó ni yóò mú òṣìṣẹ́ ìlera 5 gẹ́lẹ́? Ọ̀nà 462 ni a lè gbà ṣa 5 nínú 11, ọ̀nà 84 sì ni a lè gbà ṣa 3 tó kù nínú 9. A sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, ó di 38,808. Bí a bá fi 125,970 pín in, ó jẹ́ 0.308. Ohun tí a ṣe fún 5 yìí ni a ó ṣe fún gbogbo iye tó ṣeé ṣe, láti 0 dé 8:

| Òṣìṣẹ́ ìlera tó kú | Iye ọ̀nà | Ìṣeéṣe |
|---|---|---|
| 0 | 9 | 0.0001 |
| 1 | 396 | 0.0031 |
| 2 | 4,620 | 0.0367 |
| 3 | 20,790 | 0.1650 |
| 4 | 41,580 | 0.3301 |
| 5 | 38,808 | 0.3081 |
| 6 | 16,632 | 0.1320 |
| 7 | 2,970 | 0.0236 |
| 8 | 165 | 0.0013 |

Ẹni tó bá ro òpó àárín pọ̀ yóò rí 125,970. Àyẹ̀wò ọwọ́ nìyẹn: bí kò bá pé, ibìkan ti wọ́.

Bí a bá fẹ́ mọ ìṣeéṣe kí èèṣì pa òṣìṣẹ́ ìlera 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó ro ìlà mẹ́rin ìsàlẹ̀ pọ̀: 58,575 nínú 125,970, ìyẹn 0.465. Lọ́rọ̀ mìíràn, bí iṣẹ́ kò bá ní ipa kankan, nǹkan bí ìlàjì ìgbà ni a ó máa rí ohun tí a rí tàbí èyí tó le jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan àti ẹ̀gbẹ́ méjì

Ìbéèrè wa kò sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni a ń wò. Ó lè jẹ́ àwọn yòókù ni ó ń kú jù, nítorí pé òṣìṣẹ́ ìlera tètè mọ àmì àrùn lára ara rẹ̀. Nítorí náà ó yẹ kí a ka ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́ ọn. Àwọn kan ń sọ ẹ̀gbẹ́ kan di ìlọ́po méjì, èyí tó jẹ́ 0.93. Ọ̀nà kejì, tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, ni pé kí a ro gbogbo ìlà tí ìṣeéṣe rẹ̀ kò ju ti èyí tí a rí lọ. Nínú àtẹ òkè yìí, ìlà 4 nìkan ló ju ìlà 5 lọ. A yọ ọ́, a ro ìyókù: 84,390 nínú 125,970, ó di 0.67.

Àlàyé yìí ló tú ohun kan tó máa ń dà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Bí wọ́n bá fi àtẹ kan náà sínú kọ̀ǹpútà, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò jáde: kai-síkúwéà lásán fún wọn ní 0.58, ti Yates fún wọn ní 0.93, ti Fisher sì fún wọn ní 0.67. Wọn a ní Yates ti bà á jẹ́. Kò bà á jẹ́. Ìlàjì 0.93 jẹ́ 0.463, tó súnmọ́ 0.465 tí a fi ọwọ́ kà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni Yates ń lépa, ó sì bá a. Ọ̀nà tí a gbà ń so ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́ ọn ni ìyàtọ̀ ti wá.

Ohun tí 20 kò lè fi hàn

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ sí nìyí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa ti máa ń sọ ju ohun tí wọ́n rí lọ. Iye 0.67 kò sọ pé Ẹ̀bólà ń pa òṣìṣẹ́ ìlera bí ó ṣe ń pa ará ìlú. Ohun tó sọ ni pé àtẹ yìí kò tako èrò bẹ́ẹ̀. Láti rí ìyàtọ̀ méjèèjì, ẹ jẹ́ kí a bi àtẹ náà pé: mélòó nínú òkú 8 ni ì bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera kí ìdánwò yìí tó sọ̀rọ̀ sókè?

Bí ó bá jẹ́ 6, a ó ro ìlà 6, 7 àti 8, pẹ̀lú 0, 1 àti 2 tí ìṣeéṣe wọn kéré ju ti 6 lọ. Ó jẹ́ 24,792, ìyẹn 0.197. Bí ó bá jẹ́ 7, a ó ro 7 àti 8 pẹ̀lú 0 àti 1: 3,540, ìyẹn 0.028. Bí a ti kúrò ní 6 bọ́ sí 7, kò sí ohunkóhun láàárín 0.197 àti 0.028. Àtẹ̀gùn gíga tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ẹni tó bá fi 0.05 ṣe ààlà kò ní rí ẹ̀rí kankan àfi bí 7 nínú àwọn 8 tó kú bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Bí 6 bá kú nínú òṣìṣẹ́ ìlera 11, tí 2 péré kú nínú àwọn 9 yòókù, ìyẹn ìdá 55 sí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdánwò náà yóò ṣì dákẹ́. Àwọn ìyá tó ń pe ọmọ wọn wálé láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò lè fi àtẹ yìí gbe ẹ̀rù wọn lẹ́sẹ̀, a kò sì lè fi òun náà sọ fún wọn pé ẹ̀rù wọn jẹ́ asán.

Ohun mìíràn tún wà tí ìṣirò kò lè tún ṣe. Igbá wa gbà pé ìwé kọ̀ọ̀kan dá dúró. Àwọn ènìyàn 20 yìí kò dá dúró: ẹnìkan kó o ran ẹnìkejì, àwọn kan jọ wà ní ilé ìwòsàn kan náà, wọ́n jọ gba ìtọ́jú kan náà. Sawyer fúnra rẹ̀ wà lára àwọn 9, ó sì yàtọ̀ sí gbogbo wọn nítorí pé ibòmíràn ló ti kó àrùn wá. Bí a bá yọ ọ́, àtẹ náà di 5 àti 6 lókè, 2 àti 6 nísàlẹ̀, iye Fisher sì di 0.63. Kò yí ohunkóhun padà, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí olùwádìí gbìyànjú rẹ̀, kó sì sọ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀.

Àríyànjiyàn Barnard

Ìdánwò Fisher gbà pé àpapọ̀ ìlà àti àpapọ̀ òpó ti dúró gbọn-in kí ikú tó na ọwọ́ sínú igbá. Ti ife tíì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí obìnrin náà mọ̀ pé mẹ́rin mẹ́rin ni. Ta ló sọ fún Ẹ̀bólà pé 8 ni kó pa? George Barnard gbé ìbéèrè irú èyí dìde ní ọdún 1945, ó sì dábàá ìdánwò mìíràn tí kò de òpó mọ́lẹ̀. Fisher bá a jà gidigidi. Èrò rẹ̀ ni pé àpapọ̀ etí àtẹ kò sọ ohunkóhun nípa ìbáṣepọ̀ tí a ń wá, nítorí náà kò sí ìpalára bí a bá dì í mú. Barnard fúnra rẹ̀ padà lẹ́yìn ìdánwò tirẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn gbé e dìde, ìjà náà kò tíì parí. Lójú tèmi, Fisher jàre fún ẹni tó ń ka ìwádìí kékeré. Ṣùgbọ́n kí a gbà pé iye tí a san fún un ni pé ìdánwò náà máa ń lọ́ra láti sọ pé ìyàtọ̀ wà.

Nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa

Ní ọdún 1954, William Cochran fún àwọn olùwádìí ní ìlànà kan: kí wọ́n lo ti Fisher bí àpapọ̀ bá dín sí 20, tàbí bí ó bá wà láàárín 20 àti 40 tí iye àfojúsọ́nà tó kéré jù sì dín sí 5. Ènìyàn 20 wa dúró sórí ìloro gan-an, ṣùgbọ́n 3.6 ti tì í wọlé. Lóde òní, kò sí ìdí láti fi ìnira kíkà ṣe àwáwí. Ẹ̀rọ R ń ṣe é nínú ìlà méjì:

```
x <- matrix(c(5, 3, 6, 6), nrow = 2)
fisher.test(x)
```

Yóò fún wa ní `p-value = 0.6699`. Bí a bá ní kó ṣe `chisq.test(x)`, yóò lo àtúnṣe Yates láìbéèrè, yóò sì kìlọ̀ pé `Chi-squared approximation may be incorrect`. SPSS, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ ń lò, máa ń kọ ìkìlọ̀ tirẹ̀ sábẹ́ àtẹ: `2 cells (50.0%) have expected count less than 5. The minimum expected count is 3.60.` Nínú ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ tí mo ti kà, ìlà ìkìlọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń gé kúrò nígbà tí wọ́n bá ń da àtẹ kọ, tí wọn yóò sì fi ìlà `Pearson Chi-Square` ṣe èsì, bẹ́ẹ̀ ìlà `Fisher's Exact Test` wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Alábòójútó tó bá fẹ́ mọ̀ kò ní láti bèèrè fáìlì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́: kó fi àpapọ̀ etí méjì tó kéré jù, ọ̀kan ní ìlà, ọ̀kan ní òpó, sọ ara wọn di púpọ̀, kó fi gbogbo rẹ̀ pín in. Fún tiwa, 9 lọ́nà 8 jẹ́ 72; 72 pín sí 20 jẹ́ 3.6.

Báyìí ni a ó ṣe kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà: «Òṣìṣẹ́ ìlera 5 nínú 11 àti ènìyàn 3 nínú 9 yòókù ni ó kú. Ìdánwò pàtó ti Fisher, ẹ̀gbẹ́ méjì, fún wa ní 0.67. Àwọn tí a kà kéré débi pé ìyàtọ̀ ńlá pàápàá lè fara pamọ́ fún ìdánwò yìí, wọn kò sì dá dúró lọ́dọ̀ ara wọn.»